Òjìji Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Kẹrin

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Afusat Sànúsí ti ń fi àwòrán jẹun ní Ajah. Ìdajì àkọ́kọ́ ló fi ń fi nǹkan kún ẹ̀yìn èèyàn, ìdajì kejì ló fi ń kó nǹkan kúrò lẹ́yìn ẹrù.

Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, aṣọ ńlá kan wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ tí wọ́n ya ọgbà òdòdó sí, pẹ̀lú àtẹ̀gùn kan tí kò lọ síbì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò ọdún á dúró níwájú rẹ̀, á gbé ọwọ́ lé àga, á sì dà bí ẹni tó kọ́ ilé. Iṣẹ́ Afusat ni láti gbá ilẹ̀, láti tan iná, láti fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ pa àwọn àmì eruku tó bá bọ́ sójú fọ́tò rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rí. Ọ̀gá rẹ̀ a máa sọ pé bí wọ́n bá fún Afusat ní irun orí ọmọ ọwọ́ kan, á ya ìlà sí i láàárín.

Ọ̀nà ẹ̀sípíréèsì dé, àwọn ẹ́sítéètì tẹ̀lé e, fóònù tó ń ya fọ́tò tẹ̀lé ẹ́sítéètì. Ẹni tó ní fóònù kò nílò ọgbà òdòdó. Ọ̀gá kú, aṣọ náà di èyí tí wọ́n fi bo ìyanrìn. Afusat ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó kọ́ Fótóṣọ́ọ̀pù lọ́dọ̀ ọmọ tó kéré sí i lọ́dún mẹ́tàdínlógún, ó gba yàrá kan lórí àjà kejì nítòsí ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn yẹn kò fẹ́ ọgbà, wọn kò fẹ́ àtẹ̀gùn. Funfun ni wọ́n fẹ́. Bàtà lórí funfun, ìkòkò lórí funfun, ìgò òróró ìpara lórí funfun.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí à ń wí yìí, ó ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti ń sunkún láìsí òkú. Aago méje àárọ̀ ló jókòó ti àwòrán àga kan.

Àga náà jẹ́ ti Adébùkọ́lá, obìnrin kan tó ń gbé ní Thomas Estate, tó fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ láti máa ta ohun ọ̀ṣọ́ ilé. Òun kọ́ ló ń kàn án. Kàmọ́rù, káfíńtà ọmọ Ìsẹ́yìn tó ní ṣẹ́ẹ̀dì ní Lakowe, ló ń kàn án fún un. Àga onígi tó rẹwà ni lóòótọ́: apá rẹ̀ tẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ, wọ́n sì fi pankẹ́rẹ́ hun ẹ̀yìn rẹ̀ ní ihò-ihò. Kàmọ́rù fúnra rẹ̀ ló fi fóònù ya á, níbi tó kàn án sí. Ohun gbogbo tó wà ní ṣẹ́ẹ̀dì ló sì bá àga náà wọ inú fọ́tò: pákó tí wọ́n tò jọ, korobá gọ́ọ̀mù, ike omi, àpò sìmẹ́ǹtì, síńgílẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n sá sórí okùn, tapólìn aláwọ̀ búlúù, àti ìdí ewúrẹ́ kan tó ń jáde lọ.

Ọjà ńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Adébùkọ́lá fẹ́ gbé àga náà sí ní òfin tirẹ̀. Ẹrù nìkan, lórí funfun tí kò ní àbàwọ́n. Kọ̀ǹpútà a máa fi nọ́ńbà 255 pe funfun tó mọ́ jù lọ, ẹ̀rọ ọjà náà á sì wo etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán. Bó bá rí 254 níbì kan létí, á dá a padà. Lẹ́yìn ẹ̀rọ, èèyàn á wò ó. Èèyàn yẹn fẹ́ kí òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ wà lábẹ́ ẹrù, kí oníbàárà lè gbà pé orí ilẹ̀ ló dúró sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ń gba àwòrán ẹrù kan wò. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí kò bá yege, ó di oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó tún wo ẹrù náà.

Àga Kàmọ́rù ti já lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, Adébùkọ́lá lo áàpù orí fóònù tó ń gé ẹ̀yìn àwòrán kúrò fúnra rẹ̀. Áàpù náà jẹ ìdajì pankẹ́rẹ́ mọ́ ọn, ó tún gé ìdí ẹsẹ̀ kan. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé e fún ẹnì kan tó gé etí àga dáadáa ṣùgbọ́n tó gbàgbé ihò. Ẹni tó bá sún mọ́ ẹ̀yìn àga náà á rí síńgílẹ́ẹ̀tì káfíńtà ní wẹ́wẹ́. Kò sì ya òjìji sí i, àga náà kàn ń fò lójú òfuurufú bí ohun tí àjẹ́ gbàgbé.

Ìgbà yẹn ni wọ́n darí Adébùkọ́lá sọ́dọ̀ Afusat. Ó ṣàlàyé láìfi ohunkóhun pamọ́. Wọ́n máa ti ojú ewé àga àti tábìlì fún oṣù náà ní aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí àwòrán yìí bá wọlé kí aago tó lù, àwòrán mọ́kàndínlọ́gọ́ta tó kù di ti Afusat. Bí kò bá wọlé, ó máa kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìhà Lekki tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe ọgọ́ta lóòjọ́. Kì í ṣe ìhàlẹ̀, bó ṣe rí ló sọ ọ́. Afusat náà mọ bó ṣe rí. Oṣù méjì ni kò ti rí iṣẹ́ tó ju ìkòkò mẹ́ta àti wíìgì kan lọ. Láìsí mọ́kàndínlọ́gọ́ta yẹn, kò sí ohun tó tún ń ṣí ìlẹ̀kùn sí.

Nítorí náà ló ṣe jókòó láti aago méje. Ó fa àga náà sún mọ́ra títí ihò pankẹ́rẹ́ kan fi tó àwo ọbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun èlò tí wọ́n ń pè ní pẹ́ẹ̀nì ya ìlà yí i ká, ní tẹ̀-sí-ibí, tẹ̀-sí-ọ̀hún. Etí ìta gbà á ní wákàtí kan. Ihò gba wákàtí mẹ́rin. Ọ̀ọ́dúnrún ihò ó lé mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, ó kà wọ́n nítorí pé ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ rí nǹkan kà kí oorun má bàa gbé e. Kò pa ohunkóhun rẹ́. Bíbò ló bò ó, bí ìgbà tí èèyàn bá fi aṣọ bo digí, kó lè ṣí i padà bó bá ṣìṣe. Lábẹ́ àga ó tẹ́ pupa fòò sí i ná, kì í ṣe funfun, nítorí pé funfun a máa fi ìdọ̀tí pamọ́. Lórí pupa, gbogbo ibi tí awẹ́ tapólìn kù sí létí igi ló hàn, ó sì fá a dànù. Apá àga tí wọ́n fi fáníìṣì dán ti gba àwọ̀ búlúù tapólìn sára. Ó fa búlúù yẹn kúrò díẹ̀díẹ̀ títí igi fi padà di igi.

Nígbà tó yọ pupa, tó tẹ́ funfun 255 sí abẹ́ rẹ̀, ó lé díẹ̀ ní aago méjìlá àbọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ilé ìsàlẹ̀ ń pariwo. Ó wo àga náà. Gbogbo Lakowe ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó ku òun nìkan, ó sì tún ń fò.

Òjìji ló kù. Iṣẹ́ tí Afusat fẹ́ràn jù nìyẹn, nítorí kò sí áàpù tó tíì ṣe é kó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ṣí ìpele tuntun láàárín àga àti funfun. Ó wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá nínú fọ́tò gan-an: lókè, díẹ̀ sọ́wọ́ òsì. Òjìji gbọ́dọ̀ yà sọ́tùn-ún nígbà náà. Ó mú àwọ̀ tó sún mọ́ dúdú ṣùgbọ́n tí igi díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí dúdú pátápátá a máa dà bí èédú. Lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ibi tí igi ti kan ilẹ̀ gẹ́lẹ́, ó máa ń ya ìlà tóóró tó ṣókùnkùn, á rọ etí rẹ̀ díẹ̀. Èyí ló ń so ẹsẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà á ya èkejì tó fẹ̀, tó rẹ̀ dòò, tó rọ̀ bí èéfín, lábẹ́ gbogbo àga, á sì rí i pé ó ti parẹ́ pátá kó tó dé etí àwòrán, kí ẹ̀rọ má bàa rí 254.

Ẹsẹ̀ òsì iwájú: ó kan ilẹ̀. Ọ̀tún iwájú: ó kan ilẹ̀. Òsì ẹ̀yìn: ó kan ilẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀tún ẹ̀yìn, ó ya òjìji náà, kò gbà. Ó pa á rẹ́, ó tún un yà, kò gbà. Bó bá fi òjìji sí ibi tí ilẹ̀ yẹ kó wà, ẹsẹ̀ náà dá dúró lókè rẹ̀ bí ẹsẹ̀ adìyẹ nínú òjò. Bó bá gbé òjìji lọ bá ẹsẹ̀ lókè, ilẹ̀ á dà bí èyí tó yọ gegele níbẹ̀.

Ó rò pé ojú ló ń ṣe òun. Ó fọ ojú. Ó padà, ó sì ṣí ìbòjú àwòrán níbi ẹsẹ̀ yẹn láti wo bó ṣe rí kó tó gé e. Ibẹ̀ ló ti rí i. Pákó pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ náà, ó fẹ́lẹ́ ju ìka lọ díẹ̀, ó sì dà bí àwọn pákó wẹ́wẹ́ yòókù tó wà nílẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e sọnù láàárọ̀, pẹ̀lú korobá àti ewúrẹ́.

Ó pe Kàmọ́rù. Ó béèrè ohun tí pákó ń wá lábẹ́ àga. Kàmọ́rù ní ilẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì kò tẹ́jú ni, ìyanrìn ni gbogbo rẹ̀, Ìyá Onífọ́tò kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìyẹn yọ wọ́n lẹ́nu.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ìdáhùn tó rọrùn ni, aago kan sì ti kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi gbogbo àárọ̀ yí ẹsẹ̀ mẹ́rin ká mọ ohun tó rí. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ló wọ́, ilẹ̀ nìkan ni ì bá wọ́. Àga tó gún, bí wọ́n gbé e sórí òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ṣì gùn dé ibi kan náà láti ìdí ìjókòó. Ó ya ìlà kan láti ẹsẹ̀ òsì ẹ̀yìn dé ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn, ó tún ya òmíràn sí etí ìjókòó lókè wọn. Ó ṣe bákan náà níwájú. Àwọn ìlà iwájú bára wọn rìn dáadáa. Ti ẹ̀yìn kò bára wọn rìn. Ti ìsàlẹ̀ gbé ìdí sókè lápá ọ̀tún.

“Kàmọ́rù,” ó ní, “ẹsẹ̀ àga yẹn kúrú.”

Kàmọ́rù kò bínú, ó kàn dà bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tí gbogbo ayé mọ̀. “Kò kúrú, mà. Ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù ló ṣì gùn. Èmi kì í gé ẹsẹ̀ àga títí mo fi máa gbé e dé ilé oníbàárà. Orí ilẹ̀ wọn ni mo máa ń gé e sí. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi ní Ìsẹ́yìn nìyẹn. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ilẹ̀ tirẹ̀.”

Afusat gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó, ó tún dá a padà. Àṣà tó dára ni, kò lè sọ pé kò dára. Bí káfíńtà bá máa ń bá àga rẹ̀ wọ ilé, kò sí àga tí kò ní dúró.

“Ta ló máa bá eléyìí wọlé? Ẹni tó bá rà á ní Àkúrẹ́, páálí ló máa gbé e bá a. Ṣé dírẹ́bà ló máa mú ayùn dání?”

Ó hàn pé Kàmọ́rù kò tíì rò ó débẹ̀ rí. Àga méjìlá ló ti kàn sílẹ̀ fún Adébùkọ́lá, gbogbo wọn ló ń mì.

Ní báyìí, ìṣòro náà kì í ṣe ti àwòrán mọ́, ṣùgbọ́n orí àwòrán ni aago ń lù lé. Afusat pe Adébùkọ́lá, ó sì sọ fún un bó ṣe rí. Adébùkọ́lá wà nínú ọkọ̀, ó ń lọ mú ọmọ rẹ̀ Fikáyọ̀ nílé ìwé, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ tipẹ́ kó tó gbọ́ ti ẹsẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ṣé kọ̀ǹpútà kò lè fa ẹsẹ̀ náà gùn ni.

“Ó lè ṣe é, mà.”

“Ó máa pẹ́ tó?”

“Kò tó ìṣẹ́jú méjì.”

“Àǹtí Afusat, ẹ fà á wálẹ̀ nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́. Mo máa jẹ́ kí Kàmọ́rù gé e tó bá yá.”

Afusat wo ẹsẹ̀ náà. Ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà òjìji, lẹ́yìn náà kó fi orí lé tábìlì kó sùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro ó láti ìbàdí dé ọrùn. Ta ló máa mọ̀? Ẹ̀rọ kò ní mọ̀. Ẹni tó ń wò ó lẹ́yìn ẹ̀rọ kò ní mọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó lé e nìkan ló máa mọ̀.

“Mo lè mú pákó kúrò lẹ́yìn àga, màdáàmù,” ó ní. “Kò sí ẹni tó ń ra pákó. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń rà. Bó bá dé ilé wọn tó ń mì, wọ́n máa dá a padà, ẹ̀yin lẹ máa san owó àlọ, ẹ̀yin lẹ máa san owó àbọ̀. Owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ju owó àga lọ. Tí wọ́n bá dá méjì padà, ọjà yẹn máa ti ojú ewé yín pa pátápátá, kì í ṣe fún oṣù mẹ́ta.”

Ariwo kẹ̀kẹ́ àti họ́ọ̀nù ló gba àárín wọn. “Ẹ mọ ohun tí mo sọ nípa aago mẹ́rin,” Adébùkọ́lá ní. “Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i, mà.”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ ṣe èyí tẹ́ ẹ bá lè ṣe.”

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Afusat pe Kàmọ́rù padà. Ó ní kó gbé àga náà lọ síbi tí táìsì wà, tí wọ́n ti fi omi wọ̀n kó lè tẹ́jú, kó sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba níbẹ̀. Kàmọ́rù ní ilé kan tó ń parí lọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti tẹ́ táìsì sí fàráńdà rẹ̀, ṣùgbọ́n Àṣírù, ẹni tó tẹ́ ẹ, kì í jẹ́ kí bàtà gun orí rẹ̀. Afusat ní kó bọ́ bàtà.

Èkejì tó sọ fún un ló dùn ún láti sọ, nítorí pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló yẹ kó ti sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n wá aṣọ funfun kan, ìbáà jẹ́ aṣọ ìbùsùn, kí wọ́n ta á sẹ́yìn àga. Kó má fara kan àga, kó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí òjìji àga má bàa bọ́ sí i. Kí àga wà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ìta ti ń wọlé, kó má wà nínú oòrùn gan-an. Bí wọ́n bá ń tún fọ́tò náà yà, kí wọ́n gbé fóònù dúró sí ọ̀gangan ìjókòó, kí wọ́n má gbé e sókè. Kàmọ́rù ní ibo lòun ti fẹ́ rí aṣọ ìbùsùn funfun ní Lakowe lọ́sàn-án gangan. Afusat ní kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá níyàwó.

Ìdí tó fi fẹ́ aṣọ kò ju ihò lọ. Lọ́jọ́ tí síńgílẹ́ẹ̀tì àti ewúrẹ́ bá wà lẹ́yìn pankẹ́rẹ́, èèyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ gé ihò kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé aṣọ funfun kan ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn, kọ̀ǹpútà lè rí ìyàtọ̀ láàárín igi àti aṣọ, á mú gbogbo ihò lẹ́ẹ̀kan, èèyàn á kàn máa tún èyí tó bá ṣì mú ṣe. Kò sẹ́ni tó ní aṣọ lè dọ́gba pẹ̀lú 255, àwọ̀ eérú ló sábà máa ń jẹ́ nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n àwọ̀ eérú kan ṣoṣo sàn ju oríṣiríṣi àwọ̀ mẹ́wàá lọ. Àìsí yáàdì aṣọ mẹ́ta ló fi wákàtí mẹ́rin ṣòfò láàárọ̀ yẹn, kò sì sí ẹni tó lè san wákàtí yẹn padà fún un.

Ó jókòó ó ń dúró. Kò lè sùn, kò lè ṣiṣẹ́. Ó mu omi. Ó lọ síbi fèrèsé, ó wo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé yanrìn lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́ títí ojú fi ń ta á, ó sì padà.

Ní Lakowe, Kàmọ́rù gbé àga lé orí táìsì láìwọ bàtà. Ó mì bó ṣe yẹ kó mì. Ó fi pákó pẹlẹbẹ sí abẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú títí ìjókòó fi tẹ́jú. Ó mú bíríkì igi kékeré kan, ó gbé pẹ́ńsù lé orí rẹ̀, ó sì fi yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká kí àmì náà lè ga bákan náà lára gbogbo wọn. Ó fi ayùn gé wọn sórí àmì. Kò gbà á ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Aṣọ ló gba àkókò. Ìyàwó Àṣírù ló yá wọn ní èyí tó ní, lẹ́yìn tó ti rí ọwọ́ wọn méjèèjì pé ó mọ́.

Fọ́tò wọlé sórí Wáàsáàpù ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Afusat kò kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn àga. Ó ya ìlà mẹ́rin sí ẹsẹ̀ àti ìjókòó. Gbogbo wọn bára wọn rìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló sáré bí ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára eré mọ́. Kò sí ohun tó lè mú láti inú ìlà àárọ̀, nítorí pé igun tí fóònù dúró sí ti yí padà. Ó ya etí ìta ní ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mú àwọn ihò, ó mú wọn dé bí igba ó lé ọgọ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó kù wà lápá ìsàlẹ̀, níbi tí pankẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ funfun díẹ̀ tí kọ̀ǹpútà kò dá òun àti aṣọ mọ̀ yàtọ̀. Àwọn yẹn ló fọwọ́ gé. Ó tẹ́ pupa, ó wò ó, ó fá a. Ó tẹ́ funfun.

Òjìji wá kù. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Ó ya ìlà tóóró sí ẹsẹ̀ òsì iwájú, ọ̀tún iwájú, òsì ẹ̀yìn. Ó dé ọ̀tún ẹ̀yìn, ó fà á, ó rọ etí rẹ̀. Òjìji náà dúró síbẹ̀ láìbá a jà. Ó da òjìji gbígbòòrò sí abẹ́ gbogbo rẹ̀, ó fẹ́ ẹ títí tó fi dà bí èémí lára digí. Nígbà tó yẹ etí wò, nọ́ńbà apá ọ̀tún ń sọ 253. Òjìji náà ti rìn jìnnà jù. Ó fà á sẹ́yìn, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò: 255 lókè, 255 nísàlẹ̀, 255 lósì, 255 lọ́tùn-ún. Ó fi ránṣẹ́ sí Adébùkọ́lá nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Kò sí ohun tó kù fún un láti ṣe. Ó pa ojú kọ̀ǹpútà dé, ó pa ojú tirẹ̀ náà dé.

Aago mẹ́rin lù, kò sí ìpè. Ó di mẹ́rin kọjá mẹ́wàá. Ó ti ń ṣírò iye tí òun lè ta kọ̀ǹpútà náà nígbà tí fóònù dún.

Adébùkọ́lá ní ó wọlé. Ẹ̀rọ gbà á kí aago tó lù, èèyàn náà gbà á lẹ́yìn rẹ̀, kò tilẹ̀ béèrè nǹkan kan. Ó dúpẹ́, ó sì dúpẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ló sọ pé Kàmọ́rù ti ròyìn aṣọ fún òun, pé iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin wá di nǹkan kékeré. Ó ní ṣé kò wá yẹ kí owó àwòrán mọ́kàndínlọ́gọ́ta yòókù wálẹ̀ díẹ̀.

Afusat kò bínú. Òun náà ì bá béèrè bó bá jẹ́ òun. “Owó gígé á wálẹ̀, mà,” ó ní. “Owó òjìji ò wálẹ̀. Aṣọ kì í ya òjìji.”

Adébùkọ́lá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó rẹ̀. Ó ní ó ti yé òun. Ó ní òun fẹ́ gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Afusat ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì dúró sórí ọjọ́ méjìdínlógún. Kò sí fọ́tò kankan tó máa kúrò ní Lakowe kí Kàmọ́rù tó gé ẹsẹ̀ ẹrù náà sórí táìsì, Adébùkọ́lá fọwọ́ sí ìyẹn.

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti wọlé láti ọ̀dọ̀ Kàmọ́rù. Ó ní Àṣírù sọ pé bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa gé ẹsẹ̀ lórí fàráńdà òun, àpótí ìjókòó kan tọ́ sí òun, èyí tí kò ní mì. Afusat dá a lóhùn pé kó kàn án fún un, ó sàn ju kí wọ́n lọ ra táìsì lọ.

Ó ṣírò rẹ̀ níbi tó jókòó sí. Àwòrán mọ́kàndínlọ́gọ́ta, bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ àga, igba ẹsẹ̀ ó lé mẹ́rìndínlógójì. Ó mú oògùn ojú nínú dúrọ́ọ̀, ó kán ẹ̀kán kan sí ọ̀tún, ẹ̀kán kan sí òsì, ó sì gbé orí sẹ́yìn títí ó fi wọlé dáadáa kó tó ṣí kọ̀ǹpútà padà.